Lẹ́tà Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Atẹ̀wé Ṣómólú àti Bàrígà lórí Lílo Àmì Dípò Fáìlì nínú Gmail

   

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Onípànù tó fẹsẹ̀ rìn wọ Ṣipẹolu, tàbí tó gba Fadéyí wọlé títí ó fi kan Bájùláyé, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó mọ̀ pé òun ti dé àárín àwọn atẹ̀wé. Ariwo ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, òórùn yíǹkì yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni yóò rí aláàárù tó ru bébà gọbọi, tó ń wá ọ̀nà gbà láàárín kẹ̀kẹ́ Márúwá àti àwọn tó ń sáré gbé páálí ìwé lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi ọ̀rá bò ó. Nígbà kan rí, oníbàárà fúnra rẹ̀ ni í gbé iṣẹ́ wá, tí yóò fi ìka tọ́ka sí ibi tó fẹ́ kí a tún ṣe. Lónìí, ojú ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń gbà wọlé: àwòrán iṣẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ ayàwòrán bọ̀, iye owó bébà ń ti ọ̀dọ̀ oníbébà bọ̀, àtúnṣe ń ti ọ̀dọ̀ oníbàárà bọ̀, gbogbo wọn sì ń pàdé nínú àpótí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Nípa àpótí lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, pàápàá nípa irú lẹ́tà kan tó ń da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú, èyíinì ni lẹ́tà tí kì í ṣe ti iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì yóò pàdánù rẹ̀ lápá kan, ẹni tó bá lẹ àmì mọ́ ọn yóò rí i níbi gbogbo tó bá ti wá a, ṣùgbọ́n àmì ní ìwà tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìwà náà yóò máa lò ó bí ẹni ń lo fáìlì, ìyà ibẹ̀ kò sì kéré.

Lẹ́tà tí kò ní ilé kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí a fi atẹ̀wé kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ní àdúgbò yìí tí kò ní rí ara rẹ̀ lára rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Akọka fẹ́ ìwé pélébé olójú-ewé 16 fún àwọn òbí, ẹ̀dà 2,000. Ẹbí kan ní Bàrígà fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú, ẹ̀dà 500. Ẹgbẹ́ kan ní Ṣómólú níbí fẹ́ kàlẹ́ńdà, ẹ̀dà 1,000. Ó ṣe ìṣirò bébà rẹ̀ bí ọ̀gá: ìwé pélébé kọ̀ọ̀kan yóò jẹ abala A3 méjì, ẹ̀dà 2,000 yóò jẹ abala 4,000, rímù kan sì jẹ́ abala 500, nítorí náà rímù mẹ́jọ ni ti Akọka, láìka èyí tí ẹ̀rọ yóò bàjẹ́. Ó ṣe ti àwọn yòókù bákan náà, ó sì kọ̀wé ránṣẹ́ sí oníbébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ẹni tó bá ra ọjà pọ̀ ni wọ́n ń ṣe ojúrere fún.

Oníbébà dá a lóhùn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà. Nínú lẹ́tà yẹn ó ní bọ́ńdì 80 gíráàmù tó fẹ́ lò fún Akọka wà nílẹ̀. Ó ní bébà dídán 135 gíráàmù ti tán, èyí tó kù jẹ́ 150 gíráàmù, owó rẹ̀ sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ọkọ̀ kan ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ wá, nítorí náà owó ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ wo bí lẹ́tà kékeré ṣe di ọ̀ràn ńlá. Gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ti Akọka nìkan. Gbólóhùn kejì kan ìwé ètò ìsìnkú, ó sì kan kàlẹ́ńdà, nítorí irú bébà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Gbólóhùn kẹta kan iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pín sórí wọn. Fáìlì wo ni kí a wá fi í sí?

Ẹni tó mọ fáìlì nìkan ní ọ̀nà mẹ́ta, kò sì sí èyí tó dán mọ́rán nínú wọn. Ó lè fi lẹ́tà náà sínú fáìlì Akọka, torí pé Akọka ni owó rẹ̀ pọ̀ jù; nígbà tí ẹbí Bàrígà bá wá béèrè ìdí tí iye owó fi yí padà, yóò ṣí fáìlì Bàrígà, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, yóò sì máa wojú òkè bí ẹni tó ń purọ́. Ó lè ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan; ṣùgbọ́n ọjọ́ tí oníbébà bá tún kọ̀wé pé òun ti dín owó kù, ẹ̀dà kan ni ìdáhùn náà yóò bá pàdé, àwọn méjì yòókù yóò sì máa sọ ọ̀rọ̀ àná. Ó sì lè fi í sílẹ̀ nínú àpótí àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìrètí pé òun yóò rántí, títí ọgọ́rùn-ún lẹ́tà mìíràn yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Fáìlì tí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ inú rẹ̀ kò lè gba lẹ́tà tó ń ti ọ̀nà mẹ́ta bọ̀.

Ohun tí Gmail fi rọ́pò fáìlì

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ọdún 2004, iléeṣẹ́ Google gbé Gmail jáde, èyí tí Paul Buchheit ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Ààyè gígábáìtì kan ni wọ́n ṣèlérí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ lẹ́tà tó gbajúmọ̀ ń fún ènìyàn ní mẹ́gábáìtì méjì tàbí mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni. Ààyè yẹn ni ayé pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ariwo bò mọ́lẹ̀: Gmail kò fún ẹnikẹ́ni ní fáìlì. Àmì ló fún wọn, èyí tí ojú ẹ̀rọ ń pè ní `Labels`.

Láti mọ bí àmì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí lẹ́tà ń gbé. Gbogbo lẹ́tà tó bá wọ Gmail, yàtọ̀ sí èyí tó bá bọ́ sí `Spam` tàbí `Trash`, ibì kan ni wọ́n wà, èyí tí ojú ẹ̀rọ ń pè ní `All Mail`, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. `Inbox` tí a ń ṣí láràárọ̀ pàápàá, àmì ni. Ìgbà tí a bá tẹ `Archive`, kò sí lẹ́tà tó ṣí kúrò níbì kankan, àmì `Inbox` ni a kàn ká kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì tí a bá fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ìgbà tí a bá tẹ àmì kan ní apá òsì ojú ẹ̀rọ, Gmail kò ṣí yàrá kankan fún wa; ó kàn ń kó gbogbo lẹ́tà tó ní àmì náà jọ síwájú wa.

Àwa Yorùbá kò ní ṣàìmọ irú ètò yìí. Ọmọ tí bàbá ń pè ní Adéwálé, tí ìyá ń pè ní Babátúndé, tí ìyá àgbà ń kì ní Àjàní ní kùtùkùtù, kò pín sí mẹ́ta: ẹni tó bá pè é ní orúkọ tó mọ̀, ọmọ kan náà ni yóò jẹ́ ẹ, bí ó bá sì fi ẹsẹ̀ pa nílé bàbá, ẹsẹ̀ náà ni yóò gbé dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Lẹ́tà oníbébà tó ní àmì mẹ́ta rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ ó rí i lábẹ́ iṣẹ́ Akọka, ẹ ó rí i lábẹ́ ti Bàrígà, ẹ ó rí i lábẹ́ kàlẹ́ńdà. Ìdáhùn tí oníbébà bá sì kọ tẹ̀ lé e nínú ìtàkurọ̀sọ kan náà yóò hàn níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ààyè tó ń gbà nínú àpótí yín kò ju ti lẹ́tà kan lọ.

Sísọ àmì lórúkọ

Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, orúkọ àmì ló sì ń sọ bóyá yóò wúlò. Àṣìṣe tí ẹni tó ń ti ìdí fáìlì bọ̀ sábà máa ń ṣe ni pé yóò lẹ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ sórí àmì kan: yóò ṣe `Akoka-Beba`, yóò ṣe `Akoka-Owo`, yóò ṣe `Akoka-Pileeti`, yóò tún lọ ṣe mẹ́ta mìíràn fún Bàrígà àti mẹ́ta fún kàlẹ́ńdà. Iṣẹ́ mẹ́ta ti di àmì mẹ́sàn-án. Tí iṣẹ́ bá di méjìlá lásìkò ọdún, àmì di 36, ojú ẹ̀rọ yóò sì kún bí ọjà Ọjọ́bọ̀.

Ìbéèrè méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́: iṣẹ́ ta ni? Ẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì kan tó ní nọ́ńbà iṣẹ́ náà, bí `AKOKA7`. Èkejì: kí ni lẹ́tà náà ń sọ? Ẹ ṣe ìwọ̀nba àmì tí gbogbo iṣẹ́ yóò jọ máa lò: `Beba`, `Pileeti`, `Owo`. Iṣẹ́ méjìlá yóò jẹ́ àmì 15 péré, nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè gba lára apá méjèèjì. Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ Akọka nìkan, ẹ ó kọ àmì méjèèjì sí ibi ìwá-nǹkan lókè:

```
label:ise-akoka7 label:owo
```

Mo kọ `ise-akoka7` nítorí pé mo fẹ́ kí ẹ kó gbogbo àmì iṣẹ́ sábẹ́ àmì òbí kan tí ń jẹ́ `Ise`, kí wọ́n má baà fọ́n ká: `Ise/AKOKA7`, `Ise/BARIGA3`, `Ise/KALENDA5`. Ìlà wíwọ́ tó wà láàárín òbí àti ọmọ, àti àlàfo èyíkéyìí tó bá wà nínú orúkọ, ìlà ìsopọ̀ ni a ń fi rọ́pò wọn nígbà tí a bá ń wá nǹkan. Ẹ kíyè sí i pé n kò fi àmì ohùn sí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tó ń fi fóònù wá lẹ́tà pẹ̀lú ọwọ́ tí yíǹkì ti bà kò ní ráyè fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Ẹ sì rántí pé òbí kì í gba ohun ọmọ: ẹni tó bá tẹ `Ise` nìkan kò ní rí lẹ́tà tó wà lábẹ́ `Ise/AKOKA7`, àfi èyí tó bá lẹ àmì `Ise` gan-an mọ́.

Asẹ́ tí ń lẹ àmì fúnra rẹ̀

A lè fi ọwọ́ lẹ àmì: a ó mú lẹ́tà, a ó tẹ àwòrán tó rí bí páálí pélébé tí a so mọ́ ẹrù, a ó fọwọ́ sí àpótí kéékèèké tó wà níwájú orúkọ àmì mẹ́ta, a ó tẹ `Apply`, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà ráyè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí Gmail fi ní asẹ́, èyí tí ojú ẹ̀rọ ń pè ní `Filter`. Lórí kọ̀ǹpútà ni a ti ń ṣe é. Inú áàpù Gmail orí fóònù kò ní í.

Bí ẹ ó ti ṣe é nìyí. Ní ìparí ibi ìwá-nǹkan, lápá ọ̀tún, àwòrán ìlà kéékèèké kan wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Níbi tó kọ `Subject` sí, ẹ kọ `AKOKA7`. Ẹ tẹ `Create filter`. Nínú ohun tó bá jáde, ẹ fọwọ́ sí `Apply the label`, kí ẹ sì yan `Ise/AKOKA7`. Ẹ tún fọwọ́ sí `Also apply filter to matching conversations` kí àmì lè kan àwọn lẹ́tà tó ti wọlé ṣáájú. Ẹ má fọwọ́ sí `Skip the Inbox` ní tiyín, nítorí lẹ́tà tuntun yóò gba ẹ̀yìn yín wọlé láìjẹ́ pé ẹ rí i. Asẹ́ kan kò lè lẹ ju àmì kan lọ, nítorí náà ẹ ṣe ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sì sí ewu, torí pé gbogbo asẹ́ tí lẹ́tà kan bá bá mu ni yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀kan kì í dí èkejì lọ́wọ́.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi orúkọ ẹni tó kọ̀wé ṣe asẹ́ wọn, wọ́n á ní gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ oníbébà wá kó gba àmì `Beba`. Ìyẹn dára fún `Beba`, ṣùgbọ́n kò lè sọ iṣẹ́ tí lẹ́tà náà wà fún, nítorí oníbébà kan náà ni í bá gbogbo iṣẹ́ ṣòwò. Nọ́ńbà iṣẹ́ nínú àkọlé lẹ́tà ló lè sọ ọ́. Nígbà tí atẹ̀wé wa ń béèrè bébà, bí ó bá kọ àkọlé báyìí, `Beba: AKOKA7 BARIGA3 KALENDA5`, oníbébà yóò kàn fèsì ni, àkọlé náà yóò bá èsì rẹ̀ padà wá, asẹ́ mẹ́ta yóò sì lẹ àmì mẹ́ta mọ́ ọn kó tó hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àkọlé ni mo ní kí ẹ fi nọ́ńbà sí o, ẹ má fi ara lẹ́tà ṣe asẹ́. Nítorí ẹni tó ń fèsì sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá sábẹ́ èsì rẹ̀, lẹ́tà tó wà fún Bàrígà nìkan yóò sì máa gba àmì Akọka láìyẹ.

Ibi tí àmì ti ń tan ènìyàn jẹ

Gmail máa ń so lẹ́tà àti àwọn èsì rẹ̀ pọ̀ di ìtàkurọ̀sọ kan, a sì ń rí gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí ojú ń rí àmì lórí ìtàkurọ̀sọ, ṣùgbọ́n lára lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni àmì wà. Ìgbà tí ẹ bá lẹ àmì mọ́ ìtàkurọ̀sọ, gbogbo lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ ní àkókò yẹn ni ó kàn. Lẹ́tà tó bá wọlé lọ́la kì í jogún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó lọ́dọ̀ atẹ̀wé wa. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Akọka ló kọ́kọ́ kọ̀wé, kò sì mọ nọ́ńbà kankan, àkọlé rẹ̀ kò ju `Iwe wa` lọ. Atẹ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ `Ise/AKOKA7` mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá náà fèsì nínú ìtàkurọ̀sọ kan náà pé àwọn ti san àsansílẹ̀. Asẹ́ kan tí atẹ̀wé ti ṣe sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó sì lẹ `Owo` mọ́ èsì yìí. Lójú ẹ̀rọ, ìtàkurọ̀sọ náà gbé àmì méjèèjì sórí, ó dára lójú. Ní ìparí oṣù, atẹ̀wé kọ `label:ise-akoka7 label:owo`, Gmail sì ní òun kò rí nǹkan kan. Ọkàn ọkùnrin yìí já. Kò sì sí ohun tó sọnù: lẹ́tà tí Gmail ń wá ni lẹ́tà kan tó ní àmì méjèèjì lára, irú rẹ̀ kò sì sí, torí lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ní `AKOKA7`, èkejì ló ní `Owo`.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ kí ọjọ́ burúkú tó dé? Ẹ kọ `has:nouserlabels` síbi ìwá-nǹkan. Yóò mú lẹ́tà tí kò ní àmì kankan jáde, ṣùgbọ́n yóò tún mú àwọn ìtàkurọ̀sọ kan jáde tí àmì wà lórí wọn kedere. Ẹ má ṣe rò pé Gmail ṣàṣìṣe. Ó ń sọ fún yín pé lẹ́tà kan wà nínú wọn tó wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti lẹ àmì. Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn: ẹ ká àmì kúrò lórí ìtàkurọ̀sọ náà, kí ẹ tún un lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì kan gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè wọ inú `Settings`, kó yan `Conversation view off`. Gbogbo lẹ́tà yóò tú ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì tó wà lára olúkúlùkù yóò sì hàn gbangba. Fún àwọn oníbàárà tí kò mọ nọ́ńbà, ó sàn kí atẹ̀wé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàkurọ̀sọ tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà nínú àkọlé, kí asẹ́ lè máa bá èsì kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ bí ó ti ń wọlé.

Kíká àmì kúrò, àti pípa lẹ́tà rẹ́

Ọ̀rọ̀ tó kù ló léwu jù. Ẹbí Bàrígà pinnu pé àwọn kò lo bébà dídán mọ́, àwọn yóò lo bọ́ńdì tí atẹ̀wé ní nílẹ̀. Nítorí náà lẹ́tà oníbébà kò kan Bàrígà mọ́. Atẹ̀wé ṣí `Ise/BARIGA3`, ó rí lẹ́tà náà, ó sì fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Bí ó bá tẹ àwòrán agbọ̀n ìdọ̀tí, èrò ọkàn rẹ̀ ni pé láti inú fáìlì Bàrígà ni òun ti yọ ọ́. Ẹ rántí pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà. Ó ti kúrò ní Bàrígà, ó ti kúrò ní Akọka, ó ti kúrò nínú kàlẹ́ńdà; `Trash` ló bọ́ sí, níbi tí yóò wà fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí Gmail tó pa á rẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá tètè mọ̀ yóò ṣí `Trash`, yóò sì gbé e padà. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìparí oṣù kejì ló tó wá iye owó bébà kàlẹ́ńdà, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó tẹ àwòrán àmì, kó yọ ọwọ́ kúrò nínú àpótí tó wà níwájú `Ise/BARIGA3` nìkan, kó tẹ `Apply`. Lẹ́tà yóò kúrò níwájú rẹ̀ níbẹ̀, yóò sì wà lábẹ́ àwọn méjì yòókù láìyẹsẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ àwòrán àmì yẹn gan-an ni àwòrán mìíràn wà tó jọ fáìlì, tó ń jẹ́ `Move to`. Àwọn méjèèjì ń fi orúkọ àmì kan náà han ènìyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà rú mọ́ wa lójú. Ṣùgbọ́n `Labels` ń fi kún ni, `Move to` ń pààrọ̀ ni: bí ẹ bá wà nínú `Ise/AKOKA7` tí ẹ sì fi `Move to` gbé lẹ́tà lọ sí `Ise/KALENDA5`, yóò gba àmì kàlẹ́ńdà, yóò sì pàdánù ti Akọka. Ẹni tó bá rí i pé lẹ́tà kì í dúró lábẹ́ ju iṣẹ́ kan lọ, bó ti wù kí òun lẹ̀ ẹ́ tó, kó yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. `Move to` ló ń tẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí oníbàárà sì ti san owó tán, ẹ má sáré pa àmì rẹ̀ rẹ́. Bí ẹ bá pa àmì rẹ́, lẹ́tà kò ní sọnù, ṣùgbọ́n okùn tó so wọ́n pọ̀ ti já, ẹgbẹ́ tó bá sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ pé kí ẹ tẹ irú kàlẹ́ńdà tèṣí yóò bá yín níbi tí ẹ ti ń ṣa lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ `Settings`, kí ẹ tẹ `Labels`, kí ẹ sì yan `hide` síwájú rẹ̀. Yóò kúrò lójú, ṣùgbọ́n `label:ise-kalenda5` yóò ṣì máa pè é jáde nígbàkigbà.

Ibi tí agbára àmì pin sí ni kí n fi kádìí rẹ̀. Àmì yín kì í bá lẹ́tà rìn: oníbébà kò lè rí i, oníbàárà kò lè rí i, ayàwòrán tó ń lo àpótí lẹ́tà tirẹ̀ ní Bàrígà kò lè mọ̀ pé ẹ ti ka lẹ́tà kan sí ti Akọka. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo yín jọ ń rí ni àkọlé. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, kó ṣe èyí kan: láti orí iṣẹ́ tó bá gbà lọ́la, kó fún un ní nọ́ńbà, kó sọ nọ́ńbà náà fún gbogbo ẹni tí yóò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, kó sì rí i pé kò sí lẹ́tà tó jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ láìsí nọ́ńbà yẹn nínú àkọlé. Asẹ́ àti àmì yóò rí ibi dúró lé lórí nígbà tó bá ráyè ṣe wọ́n.